Owó oṣù tí ápù ń yọ: ibi tí ẹ ti rà á ni ẹ ti lè káńsù rẹ̀

Ohun tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Kàbà kì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Ẹni náà á na fóònù sí mi, á ní, "Mo ti yọ ápù yìí kúrò pátápátá, báwo ni wọ́n ṣe tún yọ owó mi?" Inú á ti bí i, torí ó gbà pé wọ́n ja òun lólè ni. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti bá wọn wò, kò sí olè kankan níbẹ̀. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ṣì wà láàyè níbi tí wọ́n ti rà á, ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti pa á.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì owó oṣù nínú ápù tí ẹ gbà láti Play Store, Google ló máa ń gba owó náà lọ́wọ́ yín. Ọ̀dọ̀ Google ni káàdì yín wà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ápù kò rí nọ́ńbà káàdì náà, kò sì mọ ímeèlì tí ẹ fi ń lo Play Store. Google á gba owó, á yọ ìdá tirẹ̀, èyí tí wọ́n sọ di 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó àsansílẹ̀ lọ́dún 2022, á sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Bó ṣe rí náà nìyẹn lórí iPhone, Apple ló ń gba owó níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ni ẹ ti tẹ nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń pe báńkì yín lóṣooṣù, Google kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Orúkọ ápù lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí iye owó sì bára mu, síbẹ̀ ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ka álàátì báńkì dáadáa, ẹ má kàn wo iye owó nìkan. Tí ẹ bá rí `GOOGLE *` tí orúkọ ápù tàbí ti ẹni tó ṣe é sì tẹ̀ lé e, inú Play Store ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá rí `APPLE.COM/BILL`, ọ̀dọ̀ Apple ni. Tó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ló wà níbẹ̀, tàbí orúkọ àwọn tó ń bá wọn gba owó, ìkànnì wọn ni kí ẹ lọ. Àwọn báńkì kan máa ń gé ọ̀rọ̀ inú álàátì kúrú débi pé kò ní yé èèyàn. Ẹ ṣí ápù báńkì, ẹ tẹ owó tó jáde náà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè ṣì gbà ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìyàrá ló ni ín. Ápù tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìṣirò ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, àbíkẹ́yìn wọn tẹ bọ́tìnnì tó ní kí wọ́n lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 7. Nígbà tó di ọjọ́ 16, 3,500 náírà jáde. Màmá yọ ápù kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, 3,500 tún jáde.

Yíyọ ápù kúrò kì í pa owó àsansílẹ̀. Ápù wà lórí fóònù, àdéhùn sísan owó wà nínú àkántì Google, ọ̀kan lè kúrò kí èkejì dúró. Kódà tí fóònù bá sọnù tàbí tó bá kó sómi, owó á ṣì máa jáde. Play Store a máa kìlọ̀ nígbà míì pé ẹ ṣì ń sanwó lórí ohun tí ẹ fẹ́ yọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ápù mú lójú fóònù tí ẹ sì fà á sọnù, ẹ lè má rí ìkìlọ̀ kankan.

Lẹ́yìn ti oṣù kẹrin, màmá lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ímeèlì wọn, wọ́n wá ibi tí wọ́n ti lè káńsù, wọn ò rí i. Wọ́n bá pa àkántì wọn rẹ́ níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé lójú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé Google Play ló ń gba owó náà. Pípa àkántì rẹ́ lórí ìkànnì kò dé ọ̀dọ̀ Google. Ohun tó ṣe ni pé àwọn ọmọ kò lè lo ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ mọ́, owó sì ń jáde lọ. Bí ẹ bá débi tí ẹ ti ń wá bọ́tìnnì ìkáńsù lórí ìkànnì tí kò sì sí, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ `Billing` tàbí `Subscription` dáadáa. Tí ẹ bá rí orúkọ Google Play tàbí Apple níbẹ̀, ẹ jáde, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́.

Wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn tó ń dáhùn oníbàárà. Èsì tí wọ́n gbà ni pé àwọn kò rí orúkọ wọn, kí wọ́n lọ bá Google. Ó jọ pé wọ́n ń lé èèyàn kiri, àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ Apple, ilé-iṣẹ́ tó ni ápù kò lè bá yín káńsù rárá. Ti Google Play yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ni ápù lágbára láti káńsù, ó sì lè dá owó padà láti ibi tí òun ti ń ṣàkóso ápù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ímeèlì tí ẹ fi wọ inú ápù kọ́ ló máa fi wá yín rí, nọ́ńbà tó wà lórí rísíìtì Google ló dájú jù. `GPA.` ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà gígùn sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ̀wé láìfi nọ́ńbà yìí sí i, ńṣe ló dà bí ẹni tó lọ béèrè ẹrù ní gáréèjì láìmú tíkẹ́ẹ̀tì dání.

Ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, owó tún jáde. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé fóònù náà wá bá mi.

A ṣí Play Store, a tẹ àwòrán kékeré tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, a tẹ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`. Òfìfo. Kò sí ohun kankan níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé "Ṣé ẹ rí i, olè ni wọ́n" nìyí. Ṣùgbọ́n álàátì ti sọ pé Google ló gba owó, torí náà àkántì Google kan wà tí a kò tíì wò.

Ohun tó ń da èèyàn rú ni pé ímeèlì tí ẹ fi wọ inú ápù lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí Play Store fi ń sanwó. Màmá fi ímeèlì tiwọn ṣí àkántì ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn àgbà tó wà ní yunifásítì ní Lọ́kọ́ja ti fi Gmail tirẹ̀ sórí fóònù náà nígbà kan tó wálé, ó sì fi káàdì màmá rẹ̀ ra nǹkan. Orí àkántì ọmọ yẹn ni Play Store wà lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo rísíìtì ń wọ Gmail ọmọ, kò sì sí ẹni tó ń ṣí i.

Láti wo àkántì mìíràn, ẹ tẹ àwòrán kékeré yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Gbogbo Gmail tó wà lórí fóònù á jáde. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ padà lọ sí `Subscriptions`, ẹ wò ó, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Tí Gmail bá pọ̀, ẹ lọ sínú lẹ́tà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ èyí síbi ìwákiri:

```
from:googleplay-noreply@google.com
```

Rísíìtì tó bá jáde ló máa sọ àkántì tó ń sanwó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti nọ́ńbà `GPA.` rẹ̀. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà. Ti àkọ́kọ́ á dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí owó bá tún jáde lórí àdéhùn kan náà, wọ́n á fi `..0` kún un, lẹ́yìn náà `..1`, `..2`. Ti màmá parí sí `..2` ní oṣù karùn-ún, èyí tó fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó ti jáde lẹ́yìn ọjọ́ ọ̀fẹ́, àti pé àdéhùn kan ṣoṣo ni. Tí nọ́ńbà àárín bá yàtọ̀ síra lórí rísíìtì méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ra nǹkan náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ káńsù méjèèjì.

Tí fóònù tí ẹ fi rà á kò bá sí mọ́, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Fóònù yòówù tàbí kọ̀ǹpútà tó bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣe é. Ẹ wọlé pẹ̀lú àkántì tó ń sanwó, kí ẹ sì ṣí:

```
play.google.com/store/account/subscriptions
```

Àkántì yẹn gan-an ni kí ẹ fi wọlé o. Bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ olórí ẹbí nínú ètò ẹbí Google, ẹ ò lè bá ọmọ yín káńsù láti orí àkántì tiyín, ẹni tó rà á ni.

Nígbà tí a yí sí àkántì ọmọ, ápù ìṣirò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí owó yóò tún jáde: ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. A tẹ ẹ́, a tẹ `Cancel subscription` nísàlẹ̀. Google á béèrè ìdí, ẹ yan èyí tó bá wù yín, kò yí nǹkan padà. Ẹ máa bá a lọ títí ẹ ó fi tẹ `Cancel subscription` lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó dúró síbi ìbéèrè ìdí pọ̀, wọ́n rò pé ó ti parí. Ápù kan tún máa ń fi `Pause payments` síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkáńsù. Ó kàn dá owó dúró fún ìgbà tí ẹ bá yàn ni, tí ìgbà náà bá pé, owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wa nílẹ̀ yìí ń kọ́? Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, ẹ má gba ohun tí ojú fóònù ń fi hàn gbọ́. Ẹ jáde nínú Play Store, ẹ tún un ṣí, ẹ padà síbẹ̀. Ohun tó fi hàn pé ó wọlé ni pé ọjọ́ ìsanwó á kúrò, ọjọ́ tí yóò parí á rọ́pò rẹ̀, bọ́tìnnì `Resubscribe` á sì yọ. Lẹ́tà kan á tún wọ Gmail àkántì náà pé ẹ ti káńsù. Ẹ má pa lẹ́tà yẹn rẹ́.

Lẹ́yìn ìkáńsù, ẹ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti lo ápù náà títí ìgbà tí ẹ sanwó fún yóò fi pé. Ti màmá, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Play Store kọ síbẹ̀ pé yóò parí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí èrè kankan nínú dídúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ewu ló wà níbẹ̀, torí Google lè yọ owó tó wákàtí 24 ṣáájú kí oṣù tuntun tó bẹ̀rẹ̀, Apple náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọjọ́ ọ̀fẹ́ nínú Play Store, kó káńsù lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ ò ní torí ìyẹn dín kù.

Ó wá ku owó tó ti lọ. Ìkáńsù kì í dá owó padà, bẹ́ẹ̀ ni bíbéèrè owó padà kì í káńsù. Ẹ ṣe méjèèjì. Wákàtí 48 tó tẹ̀ lé ìsanwó ni Google fi sílẹ̀ fún yín láti béèrè lọ́wọ́ òun tààrà. Màmá ṣì wà láàárín rẹ̀ fún ti oṣù karùn-ún. A lọ sí `play.google.com/store/account/orderhistory`, a wá owó náà, a tẹ `Report a problem`, a sì yan ohun tó jẹ́ òótọ́: pé ọmọdé ló rà á láìgbàṣẹ. Èsì sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kan, ó sì lè tó ọjọ́ 4. Wọ́n gbà, owó náà sì padà sínú káàdì lẹ́yìn náà. Fún ti oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, wákàtí 48 ti kọjá, ẹni tó ni ápù ló kù láti bẹ̀. Ímeèlì wọn wà lójú ìwé ápù náà nínú Play Store, lábẹ́ `App support`. A kọ nọ́ńbà `GPA.` méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ìlà mẹ́ta péré. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rí àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n dá ti oṣù kẹrin padà nítorí pé kò sí ẹni tó ṣí ápù láàárín oṣù yẹn, wọn ò dá ti oṣù kẹta padà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìyẹn gùn jù, kí èèyàn kàn lọ báńkì kó ti káàdì pa. Mo mọ̀ pé ó ń fúnni ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n káàdì tó kú kò pa àdéhùn. Google á gbìyànjú, kò ní rí owó gbà, á fi àdéhùn náà sí ìdádúró, á sì máa kọ̀wé pé kí ẹ tún ọ̀nà ìsanwó ṣe. Tí káàdì mìíràn bá wà nínú àkántì náà tí ẹ ti fi ṣe àfẹ̀yìntì, ó lè gba owó láti inú ìyẹn. Tí ẹ bá sì fi káàdì tuntun tún ọ̀nà ìsanwó náà ṣe nígbà tó ṣì wà ní ìdádúró, ohun tí ẹ rò pé ó ti kú á jí. Ẹ káńsù ná. Ẹ lè wá yọ káàdì kúrò lẹ́yìn náà láti `Payment methods`, bí a ti ṣe lórí àkántì ọmọ tó wà ní Lọ́kọ́ja.

Fún ẹni tó ń lo iPhone, inú `Settings` ni. Ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ tẹ `Subscriptions`, ẹ mú ápù náà, ẹ tẹ `Cancel Subscription`. Tí bọ́tìnnì yẹn kò bá sí, tí ẹ sì rí ọ̀rọ̀ pupa tó ń sọ ọjọ́ tí yóò parí, ó ti káńsù tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ tibẹ̀, ó kéré tán wákàtí 24 kó tó parí ni kí ẹ ti káńsù. Owó padà ní ojú ìwé tirẹ̀, `reportaproblem.apple.com`. Ojú ìwé yẹn tún wúlò fún wíwá àkántì tó ń sanwó, torí ó máa ń to gbogbo ohun tí àkántì náà rà.

Tí álàátì bá sì sọ pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gba owó, ẹ má wulẹ̀ fi Play Store ṣòfò àkókò, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ẹ wọ ìkànnì wọn láti inú Chrome, kì í ṣe láti inú ápù, torí ọ̀pọ̀ ápù kì í fi ibi ìsanwó ti ìkànnì hàn rárá. Ímeèlì tí rísíìtì wọn ń wọ̀ ni kí ẹ fi wọlé. Òfin Google lórí wákàtí 48 kò dé ibẹ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ nípa owó padà ni ẹ ó bá lò. Àwọn kan tún máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá káńsù, láìdúró de ìparí oṣù, torí náà ẹ kó ohun tí ẹ bá fẹ́ pa mọ́ jáde kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.